Róbótó, onígun mẹ́rin, onígun mẹ́rin: kí ni ìwé iṣẹ́ bátànì ń wá lọ́wọ́ ọmọ ọdún márùn-ún?

Iṣẹ́ àmúrelé ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi lè dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín àgbàlagbà méjì. Ẹ wo ìlà yìí, irú rẹ̀ wọ́pọ̀ nínú ìwé iṣẹ́ tí àwọn ọmọ ń gbé wálé:

● ■ ■ ● ■ __

Róbótó pupa ni àwọn róbótó náà, onígun mẹ́rin búlúù sì ni àwọn yòókù. Ìbéèrè tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: kí ló kàn? Ọmọ ya róbótó pupa sínú àlàfo náà, tíṣà sì fagi lé e. Bàbá ní ọmọ òun jàre, ṣebí pupa ló ń tẹ̀lé búlúù. Ìyá ní rárá o, búlúù méjì ló ń tẹ̀lé pupa kan, búlúù kan ṣì kù tí kò tíì dé.

Ohun tí ìyá sọ ni tíṣà ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bàbá kì í ṣe ìsọkúsọ. Bí ẹnì kan bá ní àwòrán márààrún yẹn ló para pọ̀ jẹ́ odindi kan, tí yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí róbótó, kò sí ohun kankan lórí ìlà náà tó lè já a nírọ́. Ẹni tó ya ìlà náà ló gé e kúrú jù. Ọmọ kò mọ èyí, òun sáà rí i pé wọ́n fagi lé iṣẹ́ òun.

Kí ni bátànì, kí sì ni ìdì?

Bátànì ni ètò tí nǹkan fi ń tẹ̀lé ara wọn, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá wò ó dáadáa á fi lè sọ èyí tó kàn kó tó rí i. Ara aṣọ ni ọ̀pọ̀ wa ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń hun aṣọ òkè kì í hun odindi aṣọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń hun, tí ìlà aláwọ̀ bíi mélòó kan wà nínú rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá gé ọ̀já náà, tí wọ́n sì rán an mọ́ ara rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ẹ̀gbẹ́, ni ojú máa tó rí ìlà kan náà tó ń padà wá láti etí aṣọ kan dé ìkejì. Ẹni tó bá mọ bí ọ̀já kan ṣe rí ti mọ bí gbogbo aṣọ náà yóò ṣe rí.

Ọ̀já kan yẹn, ìyẹn apá tó ń padà wá, ni ẹ jẹ́ ká máa pè ní ìdì nínú àlàyé yìí. Nínú ìlà tó fa àríyànjiyàn lókè, ìdì tí tíṣà ní lọ́kàn ni róbótó kan, onígun mẹ́rin méjì. Ìdì yẹn ni ìwé iṣẹ́ ń wá kí ọmọ rí. Àwòrán tí yóò yà sínú àlàfo kàn jẹ́ ẹ̀rí pé ó rí i ni, ẹ̀rí náà sì lè tan ni jẹ, bí a ó ṣe rí i níwájú.

Kì í ṣe gbogbo nǹkan tó bá tò sórí ìlà kan ni bátànì. ● ▲ ■ ■ ▲ jẹ́ àwòrán márùn-ún lórí ìlà, kò sí ohun tó padà wá níbẹ̀ tí ọmọ lè dì mú. Ó ya ni lẹ́nu bí irú ìlà bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń wọnú ìwé iṣẹ́, tí wọ́n á sì kọ «kí ló kàn?» sábẹ́ rẹ̀.

Irú ìdì wo ló yẹ ọmọ ọdún márùn-ún?

Àwọn olùkọ́ máa ń fi lẹ́tà pe ìdì. Ohun àkọ́kọ́ nínú ìdì ni A, ohun mìíràn tó bá yàtọ̀ sí i ni B, ẹ̀kẹta ni C. Nítorí náà, pupa-búlúù jẹ́ AB, pupa-búlúù-búlúù jẹ́ ABB, pupa-pupa-búlúù jẹ́ AAB, pupa-búlúù-yẹ́lò sì jẹ́ ABC. Kò sí ohun mìíràn nínú lẹ́tà wọ̀nyẹn. Òbí tó bá rí «ABB» lórí ìwé ọmọ rẹ̀ kò nílò láti wá a nínú álífábẹ́ẹ̀tì.

AB ni gbogbo ọmọ fi ń bẹ̀rẹ̀, ó sì rọrùn. Níbi tó ti rọrùn yẹn gan-an ni ìṣòro rẹ̀ wà. Ọmọ lè parí odindi ojú ìwé AB láìrí ìdì kankan. Kò ní ṣe ju kó wo àwòrán tó gbẹ̀yìn, kó sì ya èyí tí kì í ṣe é. Ó rí pupa, ó ya búlúù. Ó rí búlúù, ó ya pupa. Gbogbo rẹ̀ á bọ́ sí i, tíṣà á sì fún un ní máàkì pípé.

ABB ló máa ń tú àṣírí. Nínú ● ■ ■ ● ■ ■, bí ọmọ bá wo àwòrán tó gbẹ̀yìn nìkan, tó sì jẹ́ onígun mẹ́rin, kò lè mọ èyí tó kàn. Ó lè jẹ́ onígun mẹ́rin mìíràn, ó sì lè jẹ́ róbótó. Ó di dandan kó mọ ibi tí òun dé nínú ìdì: ṣé onígun mẹ́rin àkọ́kọ́ lèyí àbí ìkejì? Ibẹ̀ ni ọmọ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í to nǹkan lọ́kàn rẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí kì í rò ni pé ABC lè rọrùn ju ABB lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọ̀ mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Nínú pupa-búlúù-yẹ́lò, ohun kan ṣoṣo ló ń tẹ̀lé pupa, ohun kan ṣoṣo ló ń tẹ̀lé búlúù. Ọmọ lè há a sórí ní méjì-méjì, kó sì lọ láìsọnù. Nítorí náà, bí ìwé iṣẹ́ bá gbéra láti AB, tó fo ABB àti AAB, tó sì bọ́ sí ABC, tí ó wá ń pe ìyẹn ní ìlọsíwájú, ó ti fo ibi tí iṣẹ́ wà. AABB lè dé lẹ́yìn gbogbo ìwọ̀nyí. Èyí tó ń dàgbà bíi ● ■ ● ■ ■ ● ■ ■ ■ kì í ṣe bátànì tó ń padà wá rárá, ó sì tọ́ kó dúró ná.

Báwo ni ojú ìwé kan tó dára ṣe máa ń rí?

Ẹ jẹ́ ká mú ojú ìwé kan ṣoṣo, ìdì kan ṣoṣo, ABB, ká sì lò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìwé A4 ni, a gbé e ní ìbú kí ìlà lè gùn. Bí àpótí kọ̀ọ̀kan bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà méjì, àpótí méjìlá á wọ ìlà kan, àyè á sì kù láàárín wọn. Ìlà márùn-ún ti tó. Ọmọ ọdún márùn-ún tó bá rí ìlà mẹ́wàá á ti rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ìlà àkọ́kọ́ kò ní àlàfo rárá. Ìdì mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ó pé pérépéré, iṣẹ́ ọmọ sì ni kó fi ìka kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó máa sọ ọ́ sókè: «róbótó, igun mẹ́rin, igun mẹ́rin; róbótó, igun mẹ́rin, igun mẹ́rin.» Ìlà yìí ni wọ́n máa ń yọ kúrò jù nítorí pé kò sí ohun tí tíṣà fẹ́ máàkì níbẹ̀. Etí ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ ìdì kí ojú tó rí i. Ọmọ tó bá ń sọ ọ́ pẹ̀lú ìlù ẹnu, tó ń mí díẹ̀ lẹ́yìn gbogbo ẹ̀kẹta, ti rí ìdì ná. Èyí tó ń kà á lọ gbọọrọ bí ẹni ń ka owó kò tíì rí i.

Ìlà kejì ló ń béèrè pé kó tẹ̀ síwájú:

● ■ ■ ● ■ ■ ● ■ ■ __ __ __

Ìdì mẹ́ta tó pé ló ṣáájú àlàfo. Kí wọ́n má ṣe dín ní méjì láé, mẹ́ta ló sì dára jù, nítorí pé ìdì kan kò tíì padà wá, méjì sì lè jẹ́ ọ̀ràn èèṣì lójú ọmọdé. Àlàfo mẹ́ta ló wà, kì í ṣe ẹyọ kan. Bí àlàfo bá jẹ́ ẹyọ kan, tó sì jẹ́ pé nǹkan méjì péré ni ọmọ lè yà síbẹ̀, ọmọ tó bá kàn sọ ohun tó bá wá sí i lẹ́nu á gbà á ní ìgbà kan nínú méjì. Bí àlàfo bá jẹ́ mẹ́ta, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ní gbà á tán ju ìgbà kan lọ nínú mẹ́jọ.

Ìlà kẹta gbé àlàfo sí àárín:

● ■ ■ ● __ ■ ● ■ ■

Èyí yàtọ̀ sí tìṣáájú, nítorí pé ọmọ ní láti wo ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì àlàfo náà. Àwọn kan tó mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ síwájú dáadáa máa ń há síbí, torí pé ìparí ìlà ni wọ́n ti mọ́ ojú lára láti máa wá iṣẹ́.

Ìlà kẹrin ní kí ọmọ fi pẹ́ńsùlù fa ìlà yí ìdì kan ká. Kò sí ohun tí yóò yà, kò sì sí ohun tí yóò kùn. Síbẹ̀, òun ló le jù lójú ìwé náà títí di ìgbà yìí. Ọmọ kan á yí onígun mẹ́rin méjì ká nítorí pé wọ́n jọra. Òmíràn á yí ● ■ ká, ìyẹn ni pé AB ṣì ni òun rí. Èyí tó bá yí ● ■ ■ ká ti gbà á, ẹ sì lè ní kó máa yí àwọn yòókù ká títí dé ìparí, kó rí i pé kò sí èyí tó ṣẹ́ kù. Bí ọmọ bá yí ■ ■ ● ká ńkọ́? Ẹ má fagi lé e. Òótọ́ ni pé ìyẹn náà ń padà wá, róbótó kan sáà ni yóò ṣẹ́ kù níwájú. Ẹ bi í léèrè pé, «Róbótó iwájú yìí ńkọ́, ta ni ó bá lọ?»

Ìlà karùn-ún ni ìpààrọ̀ aṣọ. Lókè rẹ̀ ni ● ■ ■ ● ■ ■ wà, lábẹ́ rẹ̀ ni àpótí mẹ́fà tó ṣófo, pẹ̀lú onígun mẹ́ta kan àti ìràwọ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ ọmọ ni kó fi onígun mẹ́ta àti ìràwọ̀ ṣe bátànì tó bá tòkè mu: ▲ ★ ★ ▲ ★ ★. Kò sí róbótó nínú rẹ̀ mọ́, kò sí pupa, síbẹ̀ bátànì kan náà ni. Ọmọ tó bá ṣe èyí kò há àwòrán sórí. Ètò náà fúnra rẹ̀ ló gbé kúrò lára ohun tó gùn lé.

Ọ̀rọ̀ tí àgbà bá ń lò níbí ṣe pàtàkì. Nínú ìwádìí kan tí Emily Fyfe àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2015, wọ́n kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní irú ìpààrọ̀ yìí. Wọ́n fi orúkọ àwọ̀ àti ìrísí pe bátànì náà fún àwọn kan, wọ́n sì fi lẹ́tà, bí A-B-B, pè é fún àwọn mìíràn. Àwọn tó gbọ́ lẹ́tà ló ṣe é dáadáa jù. Ó yé ni: ẹni tó bá sọ «pupa, búlúù, búlúù» ti so ọmọ mọ́ pupa àti búlúù. Bí ọmọ kò bá tíì mọ A àti B, ìró tí kò jẹ mọ́ àwọ̀ kankan lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. «Gbì, pá, pá, gbì, pá, pá» ń bá róbótó lọ, ó ń bá ìràwọ̀ lọ, ó sì ń bá pàtẹ́wọ́ náà lọ.

Kí ló dé tí àwọ̀ fi máa ń ba ìwé iṣẹ́ jẹ́?

Èyí tó kọ́kọ́ ń ṣẹlẹ̀ ni ẹ̀rọ fọtokọ́pì. Wọ́n ya ìwé iṣẹ́ ní àwọ̀ mèremère, wọ́n sì tẹ ogójì ẹ̀dà jáde ní dúdú àti funfun. Pupa àti búlúù á di eérú kan náà. Bí ìrísí bá yàtọ̀, ọmọ ṣì lè rí bátànì. Bó bá jẹ́ pé róbótó ni gbogbo rẹ̀, tó sì jẹ́ àwọ̀ nìkan ló ya wọ́n sọ́tọ̀, bátànì náà ti kú sínú ẹ̀rọ. Ẹ̀dà tí wọ́n yóò bá tẹ ní dúdú àti funfun, kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ ní òfìfo, kí ọmọ sì fi kíréyọ̀nù kun àwọn ìdì àkọ́kọ́ fúnra rẹ̀ bí tíṣà ṣe ń kùn ún lójú pátákó.

Èkejì jẹ mọ́ èdè ilé wa. Pupa tiwa fẹ̀. Pupa ni ẹ̀jẹ̀, pupa ni epo, pupa náà sì ni ọ̀pọ̀ yóò pe àwọ̀ ọsàn tó ti pọ́n. Ìwé iṣẹ́ tó fi kíréyọ̀nù pupa àti ti àwọ̀ ọsàn ṣe AB lè jáde lẹ́nu ọmọ bíi «pupa, pupa, pupa, pupa». Ojú ọmọ rí i pé wọ́n yàtọ̀, etí rẹ̀ ni kò gbọ́ ìyàtọ̀, etí ló sì fi ń mú ìdì mọ́ra. Bẹ́ẹ̀ náà ni búlúù tó ṣú, tí ọ̀pọ̀ ilé ń pè ní dúdú, bó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúdú gan-an. Kì í ṣe àléébù èdè, ẹ sáà mú àwọ̀ tí orúkọ wọn jìnnà síra. Pupa àti búlúù dára. Pupa àti àwọ̀ ewé kò fi bẹ́ẹ̀ dára, nítorí pé àwọn ọmọ kan wà, ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, tí ojú wọn kì í ya méjèèjì sọ́tọ̀ dáadáa. Yẹ́lò lórí ìwé funfun kì í sì í hàn bí iná bá ti kéré.

Ẹ̀kẹta ló jinlẹ̀ jù, òun ni wọ́n sì kì í rí. Nínú ìlà ABB tí a ń lò, àwọ̀ àti ìrísí jọ ń rìn: gbogbo róbótó ló pupa, gbogbo onígun mẹ́rin ló jẹ́ búlúù. Èyí ran ọmọ lọ́wọ́, nítorí pé èyíkéyìí tó bá tẹ̀ lé á gbé e débẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣe ìwé iṣẹ́ lè fẹ́ kó lẹ́wà, kó sì jẹ́ kí ìrísí máa lọ ní AB, kí àwọ̀ máa lọ ní ABB. Ẹ wo ohun tó máa jáde:

róbótó pupa, onígun mẹ́rin búlúù, róbótó búlúù, onígun mẹ́rin pupa, róbótó búlúù, onígun mẹ́rin búlúù

Àwòrán keje ni yóò tó padà sí róbótó pupa. Ìdì oní-mẹ́ta ti di oní-mẹ́fà láìsí ẹni tó mọ̀, ìyẹn ni pé odindi ìlà méjìlá kò lè gbà ju ìdì méjì lọ. Àgbàlagbà tó bá fẹ́ yanjú rẹ̀ á mú pẹ́ńsùlù. Bí ẹ bá rí ìlà tí ẹ̀yin fúnra yín ń tún kà lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ sọ ọ́ di méjì: ọ̀kan fún ìrísí nìkan, ọ̀kan fún àwọ̀ nìkan.

Ọmọ ṣì í. Kí ni àṣìṣe náà ń sọ?

Lórí ìlà kejì wa, idáhùn tó tọ́ ni ● ■ ■. Bí ọmọ bá ya ● ■ ●, AB ló ń ṣe. Ó ti mọ̀ pé nǹkan ń yí padà, kò tíì mọ̀ pé ohun kan lè wá lẹ́ẹ̀mejì kó tó yí. Ẹ má sọ fún un pé «onígun mẹ́rin ló yẹ kó wà níbí». Ẹ jẹ́ kó padà sí ìlà àkọ́kọ́, kó sọ ọ́ sókè, kó sì máa gbé ohùn wúwo sórí róbótó. Ẹnu rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ kọ ● ■ ●.

Bí ó bá ya ■ ■ ■, àwòrán tó gbẹ̀yìn ló ń dà kọ. Ó lè jẹ́ pé ìbéèrè náà kò yé e, pé ó rò pé «parí rẹ̀» ni «ya irú rẹ̀ sí i». Ẹ lè mọ̀ bí ẹ bá ní kó fẹnu sọ èyí tó kàn láìyà á. Ọmọ tó fẹnu sọ ọ́ dáadáa, tó sì yà á ní àṣìṣe, ọwọ́ ló dí i lọ́wọ́, orí rẹ̀ pé. Onígun mẹ́rin kì í rọrùn láti yà ní ọdún márùn-ún, ọ̀pọ̀ ọmọ sì ń lo gbogbo ọkàn wọn sórí igun rẹ̀ títí wọ́n á fi gbàgbé ibi tí wọ́n dé. Fún irú wọn, ẹ gé àwòrán sílẹ̀ kí wọ́n máa lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dípò kí wọ́n máa yà á.

Àṣìṣe kẹta ló jọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ inú àríyànjiyàn wa. Ìlà tó ní ìdì mẹ́ta tó pé kì í fi í hàn, ìgbà tí wọ́n bá gé ìlà sí àárín ìdì ló máa ń yọjú:

● ■ ■ ● ■ ■ ● ■ __ __

Ohun tó kàn ni ■, lẹ́yìn náà ●. Ọ̀pọ̀ ọmọ á ya ● ■. Ìdì yẹn wà lọ́kàn wọn dáadáa, àmọ́ ojú wọn kò wo ibi tí ìlà dúró sí. Àlàfo ti dé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni tí wọ́n dá orin dúró mọ́ lẹ́nu tó sì lọ tún un gbé láti òkè. Ẹ ní kó fi pẹ́ńsùlù yí gbogbo ìdì tó pé ká. Á rí i pé ● ■ ìkẹyìn ló ṣẹ́ kù, kò tíì pé, ohun kan ló ń wá. Nítorí èyí, kò yẹ kí ìlà tí a gé sí àárín ìdì jẹ́ ìlà àkọ́kọ́ tí ọmọ máa bá pàdé. Ìlà tó fa ìjà lókè yẹn gé ìdì sí àárín, ìdì kan péré ló sì pé nínú rẹ̀. Ìdẹkùn méjì ni wọ́n dẹ pọ̀.

Kí ni ká ṣe kí ọmọ tó mú pẹ́ńsùlù?

Ẹ kó ìdérí ìgò míńírà jọ, irú méjì, mẹ́jọ mẹ́jọ. Bí irú kan ṣoṣo lẹ bá ní, ẹ dojú àwọn kan délẹ̀, kí inú àwọn yòókù máa wòkè; ìyẹn náà jẹ́ A àti B. Ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ, ẹ má jókòó kọjú sí i, nítorí ọwọ́ òsì tiyín á di ọwọ́ ọ̀tún tirẹ̀, bátànì á sì yí padà lójú rẹ̀.

Ẹ to ìdì mẹ́ta ti ABB sílẹ̀, mẹ́sàn-án lápapọ̀, kí àyè díẹ̀ wà láàárín ìdì kan àti ìkejì. Àyè yẹn ń jẹ́ kí ojú rí ìdì kó tó di pé ó ní láti wá a. Ẹ jọ kà á. Lẹ́yìn náà, ẹ sún gbogbo rẹ̀ mọ́ra kí àyè náà parẹ́, kí ẹ sì tún kà á. Ní báyìí ó ti dà bí ìlà orí ìwé. Ẹ ní kí ọmọ fi ìdì kan kún un. Tí ó bá gbà á, ẹ ní kó dijú, ẹ mú ìdérí kan kúrò láàárín, kí ẹ sì sún àwọn yòókù pa dé kí àlàfo má bàa hàn. «Èwo ni mo mú?» Èyí le ju ìlà kẹta inú ìwé lọ, ó sì tún dùn jù ú lọ.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá kọjá ìyẹn, ìdérí á di mọ́tò, kò sì sí bátànì níbẹ̀ mọ́.

Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti mọ́ ọn, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ máa tò ó kí ẹ sì máa ṣì í. Ẹ to ìdì méjì tó dára, kí ẹ fi ìdérí kan ṣoṣo sí ibi tó yẹ kí méjì wà nínú ìkẹta, kí ẹ sì máa bá iṣẹ́ lọ bí ẹni tí kò mọ̀. Ọmọ tí kò tíì rí ìdì á máa wò yín. Èyí tó ti rí i kò ní jẹ́ kí ẹ parí rẹ̀. Á na ọwọ́, á ní, «Mọ́mì, ó ku ọ̀kan níbí,» á sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tì í sí àyè rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn ni kí ẹ gbé ìwé iṣẹ́ náà jáde.